Kí Ló Ń Mú Desktop Kún? Bí A Ṣe Ń Yan Ibòmíràn fún Àwòrán Ojú Mac

Kọ̀ǹpútà Mac tuntun máa ń mọ́ lójú rekete. Tí ẹni tó ni ín bá ti lò ó fún oṣù díẹ̀, ìlà àwọn àwòrán kéékèèké á ti bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún ojú ẹ̀rọ náà, á máa rìn bọ̀ sí apá òsì. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, Screenshot, ọjọ́ àti aago tó tẹ̀ lé e nìkan ló yàtọ̀. Àwọn yìí ni àwòrán ojú ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní sikirinṣọ́ọ̀tì: a tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta pọ̀, ẹ̀rọ ya ohun tó wà lójú rẹ̀ lákòókò náà, ó sì fi pa mọ́. Ibi tó ń fi pa mọ́ sí ni ọ̀rọ̀ wà. Tí a kò bá sọ nǹkan kan fún un, Desktop ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí, láti ọjọ́ kìíní títí di ọjọ́ tí a ó gbé ẹ̀rọ náà jù.

Kò pé ìṣẹ́jú méjì láti yí èyí padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yí i láìmọ ìdí tí Desktop fi ń kún, fódà míì ló máa kún fún un. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí náà.

Ìdí tó fi jẹ́ Desktop

Ní ayé System 7, nígbà tí Mac ṣì wà ní ipò àtijọ́ rẹ̀, inú dísìkì gan-an ni àwòrán ojú ẹ̀rọ ń lọ, lẹ́yìn ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, pẹ̀lú orúkọ Picture 1, Picture 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ya àwòrán ní láti ṣí dísìkì kó tó rí i. Nígbà tí Mac OS X dé, Desktop ni Apple ní kó máa lọ. Ìdí rẹ̀ yé èèyàn: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya àwòrán fẹ́ rí i lójú ẹsẹ̀, kó fi ránṣẹ́ tàbí kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé tó ń kọ. Desktop ni ojú kọ́kọ́ ń bá, kò sì sí ẹni tó máa béèrè pé ibo ni àwòrán òun wọlé sí.

Orúkọ náà yí padà lọ́dún 2009, nígbà tí Snow Leopard jáde. Apple pa nọ́ńbà tì, ó sì fi ọjọ́ àti aago rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà, àwòrán tí a yà ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àárọ̀ lè máa jẹ́ orúkọ bí èyí:

```
Screenshot 2024-05-12 at 10.14.33.png
```

Àǹfààní rẹ̀ ni pé àwòrán méjì kì í jọ orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni ti àná kò lè bo ti òní mọ́lẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé orúkọ náà kò sọ ohun tó wà nínú àwòrán. Rìsíìtì owó ni o, ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ ni o, àṣìṣe tí ẹ̀rọ kọ jáde ni o, bákan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ palẹ̀ wọn mọ́ ní láti ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan kó tó mọ èyí tó yẹ kó nù. Iṣẹ́ yẹn sú èèyàn, ó sì ń fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Ibi tí ìkún náà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Desktop ti wá dà bíi tábìlì ẹnu ọ̀nà pálọ̀, tí oníkálùkù ń ju kọ́kọ́rọ́, ìwé àti bẹ́ntẹ́ sí bó bá ti ń wọlé. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni yan ibẹ̀ fún ìpamọ́, òun ló kàn wà nítòsí ọwọ́.

Ohun tí ìkún yìí ń náni

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ń ta aṣọ lórí ayélujára ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn oníbàárà ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n sì ń fi ẹ̀rí rẹ̀ sí WhatsApp tó ṣí sórí Mac rẹ̀. Bó bá ya mẹ́wàá lójúmọ́, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ni yóò wà lórí Desktop lópin oṣù. Bí ìkọ̀ọ̀kan bá jẹ́ mẹ́gábáìtì kan, ìyẹn jẹ́ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta mẹ́gábáìtì. Èyí kò tó ohun tó lè kún dísìkì ńlá. Dísìkì kọ́ ni ibi tó ti máa dùn ún.

Ìyà àkọ́kọ́ wà níbi iCloud. Mac ní ètò kan tó ń jẹ́ Desktop & Documents Folders. Bí ó bá wà ní títàn, gbogbo ohun tó bá bọ́ sórí Desktop ni ẹ̀rọ ń gbé lọ sí ibi ìpamọ́ Apple lórí ayélujára láìbi ẹnikẹ́ni. Gígábáìtì 5 péré ni Apple ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀, a sì tún ń pín in pẹ̀lú ẹ̀dà ìpamọ́ ohun tó wà nínú fóònù. Nítorí náà, àwòrán tí a yà fún ìṣẹ́jú kan, tí a kò ní wò mọ́ láéláé, á ti jẹ dátà láti gòkè lọ, á sì jókòó sí ààyè tí fọ́tò ìgbéyàwó ìbá wà. Ẹni tó ń ra dátà ní gígábáìtì mélòó kan lọ́sẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ìyà kejì jẹ́ ti àṣírí. Nígbà tí oníṣòwò wa bá ń fi ojú ẹ̀rọ rẹ̀ hàn lórí Zoom, tàbí tó so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri níbi ìpàdé, Desktop ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń rí. Àwòrán kéékèèké náà kì í ṣe àmì lásán, ohun tó wà nínú fáìlì ló ń hàn ní kékeré. Bí a bá ti fẹ àmì wọn tóbi díẹ̀, orúkọ oníbàárà àti iye tó san lè di ohun tí gbogbo ìpàdé ń kà.

Ìgbésẹ̀ fún yíyí i padà

Láti macOS Mojave, tó jáde lọ́dún 2018, Apple ti fi bọ́tìnnì sí i, èèyàn kò nílò kọ́ọ̀dù kankan mọ́. Bí oníṣòwò wa yóò ṣe ṣe é nìyí.

Kó tẹ Command, Shift àti 5 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Pẹpẹ kékeré kan á yọ sísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ. Lára àwọn ohun tó wà lórí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà Options. Kó tẹ̀ ẹ́. Àkójọ kan á ṣí, ohun tó wà lókè rẹ̀ sì ni Save to, tó túmọ̀ sí ibi ìpamọ́. Àmì máàkì á wà níwájú Desktop, torí òun ni ẹ̀rọ ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ àwọn ibi tí wọ́n kọ síbẹ̀, yóò rí Other Location. Kó tẹ̀ ẹ́.

Fèrèsé tó máa ṣí lẹ́yìn náà ni ibi tí a ti ń yan fódà. Kó lọ sí Pictures lápá òsì, kó tẹ New Folder nísàlẹ̀, kó sì sọ fódà náà ní orúkọ tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Risiti. Lẹ́yìn náà kó fọwọ́ sí i pẹ̀lú bọ́tìnnì tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Bó bá tún ṣí Options, yóò rí i pé Risiti ti wọ inú àkójọ Save to, àmì máàkì sì ti kúrò níwájú Desktop. Kó tẹ Esc láti pa pẹpẹ náà dé.

Ohun tí kò yẹ kó fò ni ìdánwò. Kó tẹ Command, Shift àti 3 láti ya gbogbo ojú ẹ̀rọ, kó sì ní sùúrù díẹ̀. Àwòrán kékeré kan á yọ sí igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kó tó lọ. Ìgbà tó bá lọ tán ni fáìlì náà ń wọ fódà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á sáré ṣí fódà, wọn kò ní bá nǹkan kan, wọ́n á sì rò pé àtúnṣe náà kò jẹ́. Ẹni tí kò bá lè dúró lè fi ọwọ́ ti àwòrán kékeré náà sí apá ọ̀tún, á sì wọ fódà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ rí i rárá lè padà sí Options kó mú àmì kúrò níwájú Show Floating Thumbnail.

Láti ìgbà yìí lọ, inú Risiti ni gbogbo àwòrán á máa lọ, yálà a yà gbogbo ojú ẹ̀rọ ni tàbí a lo Command, Shift àti 4 láti yan apá kan nínú rẹ̀. Fídíò ojú ẹ̀rọ tí a gbà sílẹ̀ láti orí pẹpẹ kan náà á tẹ̀ lé wọn lọ síbẹ̀. Tí a bá pa ẹ̀rọ tí a tún tàn án, kò ní gbàgbé.

Bí ẹ̀rọ bá ti pẹ́

Mac tí kò tíì dé Mojave kò ní pẹpẹ náà. Níbẹ̀, Terminal ni a ń lò, ìyẹn fèrèsé tí a fi ń kọ àṣẹ sí ẹ̀rọ. Ìlà mẹ́ta ni:

```
mkdir -p ~/Pictures/Risiti
defaults write com.apple.screencapture location ~/Pictures/Risiti
killall SystemUIServer
```

Ìlà kìíní ń dá fódà náà sílẹ̀. Ìlà kejì ń sọ ibi tuntun fún ètò tó ń ya àwòrán. Ìlà kẹta ń mú kí ẹ̀rọ tún èyí kà, nítorí náà àwọn àmì tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún lè pòórá fún ìṣẹ́jú àáyá kan kí wọ́n tó padà. Kì í ṣe àléébù. Àmì ~ tó wà nínú ìlà náà dúró fún fódà ẹni tó ni ẹ̀rọ, a kò sì gbọdọ̀ fi ààyè sílẹ̀ láàárín òun àti ohun tó tẹ̀ lé e. Àwọn ìlà yìí ṣiṣẹ́ lórí Mac tuntun pẹ̀lú. Bí a bá kábàámọ̀, ìlà kan yìí á dá gbogbo rẹ̀ padà sí Desktop:

```
defaults delete com.apple.screencapture location && killall SystemUIServer
```

Àwọn tó ti wà nílẹ̀ ńkọ́?

Àtúnṣe tí a ṣe yìí kò fọwọ́ kan ohun tó ti wà lórí Desktop. Àwọn àwòrán tó ń bọ̀ nìkan ló ń darí. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ á ṣì wà níbi tí wọ́n wà, a sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ wa kó wọn.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí a ṣí Desktop nínú Finder gẹ́gẹ́ bí fódà, kí a yan List nínú View, kí a sì tẹ Name kí wọ́n lè tò lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀rọ̀ kan náà ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ gbogbo wọn, torí náà ojú kan ni wọ́n á tò sí. A tẹ àkọ́kọ́, a di Shift mú, a tẹ ìkẹyìn, a sì fà wọ́n lọ sínú fódà tuntun. Bí àwọn kan bá ti sọnù sí àárín àwọn fódà míì, kí a kọ èyí sínú ibi ìwáǹkan ní Finder:

```
kMDItemIsScreenCapture:1
```

Mac ń fi àmì ìkọ̀kọ̀ kan sára gbogbo àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ yà, ohun tí ìlà yìí sì ń wá ni àmì náà. Èyí ló fi lè rí àwòrán tí a ti yí orúkọ rẹ̀ padà pàápàá.

Ẹlòmíràn lè sọ pé òun ti ń lo Use Stacks, èyí tó wà nínú View, tó sì ń kó àwọn àwòrán ojú ẹ̀rọ jọ sí òkìtì kan lórí Desktop. Ohun tó dára ni, ojú á sì mọ́. Àmọ́ kò gbé fáìlì kankan kúrò níbi tó wà. Orí Desktop ni wọ́n ṣì wà, iCloud á ṣì máa gbé wọn lọ bí ètò yẹn bá wà ní títàn.

Ibi tí ó ti ń bàjẹ́

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn kan á kígbe pé àwòrán tún ti ń bọ́ sórí Desktop. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé wọ́n ti yí orúkọ fódà náà padà, tàbí wọ́n ti gbé e lọ sínú fódà míì. Àdírẹ́sì fódà ni ẹ̀rọ kọ sílẹ̀. Bí fódà bá ṣí kúrò, ẹ̀rọ ò ní mọ̀ pé ó ṣí, kò ní bá ẹnikẹ́ni ní àdírẹ́sì náà, ó sì lè padà sí Desktop. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ ń lò lọ́wọ́ lè bi í nínú Terminal:

```
defaults read com.apple.screencapture location
```

Bí ohun tó bá dá wa lóhùn kò bá bá ibi tí fódà wà mu, a ti rí ìṣòro náà. Kí a padà sí Options, kí a tún un yàn. Ìdí yìí kan náà ni kò fi bọ́gbọ́n mu láti yan fódà tó wà lórí dísìkì àgbékiri. Ọjọ́ tí a bá yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ ni àdírẹ́sì náà di òfo.

Ìṣòro kejì ni ti ẹni tí kò rí àwòrán níbikíbi, kò sí lórí Desktop, kò sí nínú fódà. Kó wo Save to. Bí àmì bá wà níwájú Clipboard, kò sí fáìlì kankan tí ẹ̀rọ dá sílẹ̀. Orí ẹ̀rọ ló há a sí, ó ń retí kí a lẹ̀ ẹ́ sí ibì kan pẹ̀lú Command àti V. Bí a bá ṣe ẹ̀dà nǹkan míì kó tó di pé a lẹ̀ ẹ́, ó lọ nìyẹn. Bí a bá sì ń lo ètò ìyàwòrán míì tí kì í ṣe ti Apple, ètò yẹn ní ibi ìpamọ́ tirẹ̀, inú rẹ̀ ni a ti ń yí i padà.

Ìṣòro kẹta kò ní fi ara hàn títí tí ẹ̀rọ á fi bàjẹ́ tàbí tí wọ́n á fi jí i. Ètò Desktop & Documents Folders kì í kó Pictures. Nítorí náà, fódà Risiti tó wà nínú Pictures ti bọ́ lọ́wọ́ iCloud, dátà sì ti ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí iCloud ń tọ́jú náà ti lọ. Bí àwọn rìsíìtì náà bá jẹ́ ẹ̀rí owó tí a lè nílò lọ́dún tó ń bọ̀, inú Documents ló yẹ kí fódà náà wà, tàbí kí a máa fi Time Machine ṣe ẹ̀dà Mac náà sórí dísìkì míì. Ohun tí oníṣòwò wa gbọ́dọ̀ yàn nìyẹn, èyí tó bá sì jẹ ẹ́ lógún jù ló máa pinnu rẹ̀.

Kí fódà má baà di Desktop kejì

Àǹfààní kan tí Desktop ní ni pé ojú ń rí i. Nígbà tí a bá gbé àwòrán lọ sínú fódà, a pàdánù èyí, àyàfi bí a bá wá nǹkan fi dípò rẹ̀. A lè fa fódà Risiti lọ sí apá ọ̀tún Dock, nítòsí ibi tí Trash wà. Kí a di Control mú, kí a tẹ fódà náà níbẹ̀, kí a yan Date Added lábẹ́ Sort by. Láti ìgbà náà, bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, àwòrán tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà ni á kọ́kọ́ yọ, láìṣí Finder rárá.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa yanjú gan-an ni ṣíṣe ìyàtọ̀ láàárín àwòrán tí a fẹ́ pa mọ́ àti èyí tí a kàn fẹ́ fi ránṣẹ́. Bí oníṣòwò wa bá wo mẹ́wàá tó yà lójúmọ́ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ó rí i pé rìsíìtì mẹ́ta péré ló nílò. Àwọn méje yòókù jẹ́ aṣọ tó fi han oníbàárà kan, tàbí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kà. Iṣẹ́ wọn parí nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi wọ́n ránṣẹ́ sí.

Fún irú ìwọ̀nyẹn, kó fi Control kún àwọn bọ́tìnnì tó ń tẹ̀: Control, Command, Shift àti 4. Á fa ìlà yí apá tó fẹ́ ká, ẹ̀rọ á yà á, kò sì ní dá fáìlì sílẹ̀. Á lọ sínú WhatsApp, á tẹ Command àti V, ó tán. Kò ní wọ Risiti, kò ní wọ Desktop, kò ní gòkè lọ sí iCloud. Bí ó bá sì ti gbàgbé, tó ti yà á lọ́nà ti tẹ́lẹ̀, kó tẹ àwòrán kékeré tó yọ ní igun, kó sì lo àmì ìkólẹ̀ tó wà lókè rẹ̀ láti nù ún kó tó wọ fódà.

Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, mẹ́ta lójúmọ́ ni á máa wọ Risiti, ìyẹn bí àádọ́rùn-ún lóṣù dípò ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Gbogbo wọn jẹ́ rìsíìtì, ọjọ́ tí wọ́n sì wọlé wà lára orúkọ wọn. Nígbà tí oníbàárà bá sọ pé òun ti sanwó ní ọjọ́ kejìlá oṣù, kò ní wá a láàárín àwòrán aṣọ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Á ṣí fódà, á wo ọjọ́ náà, á sì dáhùn.